Ìpínrọ̀ Omi Tí Mi Ò Kà fún Bàbá Mi

Láti kékeré ni mo ti máa ń fura sí ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó bá wá. Ìyá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí áńgẹ́lì bá kan ilẹ̀kùn wa, màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí éjẹ́ǹtì inṣọ́ránsì gun alùpùpù wọ àgbàlá wa, tó sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa títí kan ewúrẹ́, mo ti dá a lẹ́jọ́ kó tó rí àga jókòó.

Abúlé wa wà lọ́nà Akanran. Òmìnira kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà. Bàbá mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń kó o sínú sítọ́ọ̀ onípáànù tí wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ abúlé níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti lè yà dáadáa, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó gba wọ́n síṣẹ́. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn sítọ́ọ̀ náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fẹsẹ̀ là á kọjá. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti wá pàṣẹ pé gbogbo ẹni tó ń bá àwọn ra kòkó gbọ́dọ̀ ní inṣọ́ránsì lórí ẹrù, nítorí ẹni tí kòkó bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ tí kò sì rí nǹkan fi dípò rẹ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi ò ní iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀yìn wọn ò sì gba ọkọ́ mọ́.

Bíbélì Yorùbá ni wọ́n lè kà, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni tíṣà, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé Áńgílíkà abúlé wa, èmi sì ni ojú ilé wa nínú ohunkóhun tí òyìnbó bá kọ. Éjẹ́ǹtì náà fẹ́ ṣàlàyé fọ́ọ̀mù fún wọn fúnra rẹ̀, bàbá mi ní kó fi sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Ọmọ mi ló máa kà á fún mi. Ohun tó bá sọ pé ó wà níbẹ̀ ni mo gbà pé ó wà níbẹ̀."

Inú mi dùn débi pé orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ti iná ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, mo kà á. Ti ìjì ló tẹ̀ lé e, pé ẹni tó bá fẹ́ á san díẹ̀ sí i, mo kà á, bàbá mi sì gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dé ìpínrọ̀ omi. Ó ní ti omíyalé dá dúró, òun náà sì ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tún béèrè bí odò ṣe jìnnà sí ilé tó, àti bóyá omi ti wọ ibẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni ara ti fu mí. Mo wo éjẹ́ǹtì náà, eyín rẹ̀ ṣì wà níta. Mo sọ nínú ara mi pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ àwọn ará oko nìyí: wọ́n á pín òjò kan ṣoṣo sí méjì, wọ́n á sì ta á lẹ́ẹ̀mejì. Odò tí mi ò rí kó kọjá bèbè láti ọjọ́ tí a ti bí mi! Mo mọ̀ pé bí mo bá kà á, bàbá mi á ní kí a san án, nítorí wọn kì í fẹ́ kí nǹkan kù. Nítorí náà, mi ò kà á. Mo kọ "rárá" ní Gẹ̀ẹ́sì síwájú rẹ̀, mo sì ṣí ojú ìwé sí òdìkejì.

Éjẹ́ǹtì náà rí ọwọ́ mi. Ẹ̀rín rẹ̀ dínkù díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Tíṣà, ṣé Bàbá ti gbọ́ ti omi?"

Mo ní, "Wọ́n ti gbọ́."

Ó wo bàbá mi. Bàbá mi fi orí dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, torí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i, ọkùnrin náà kó ìwé rẹ̀, ó sì lọ. Mo rò pé mo ti gbọ́n jù ú lọ.

Ní ìparí òjò ọdún kejì ni ìjì náà jà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé lọ́sàn-án ni. Ojú ọ̀run dúdú lójijì, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti apá oko. Mo sáré lọ sí sítọ́ọ̀ nítorí pé bàbá mi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti ká kòkó tí wọ́n sá síta, òjò ti ń gbá a lọ lójú wọn. Bí a ṣe wọlé, páànù apá kan ṣí kúrò lórí igi, ó dún gbàù, ó fò lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òjò wá ń dà tààrà sórí àwọn àpò tó wà lókè. Bàbá mi gun orí àpò, wọ́n ń fi tapólì bò wọ́n, atẹ́gùn ń já a gbà lọ́wọ́ wọn.

A wà lẹ́nu ìyẹn fún bíi wákàtí kan kí mo tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi wà nínú omi. Odò ti kọjá bèbè. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àlejò tó mọ ilé, ó pọ́n bí epo, ó ń ga sí i, ó sì bo àwọn pákó tí àpò ìsàlẹ̀ jókòó lé. Bàbá mi fi tapólì sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpò, wọ́n ń wo omi náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo abúlé ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe. Ẹni tí ìjì bá jà lé, kì í nìkan tún ilé rẹ̀ ṣe. Àwọn ọkùnrin wá páànù wọ̀nyẹn lọ sínú igbó, wọ́n fi òòlù tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́, wọ́n sì kàn án padà pẹ̀lú ìṣó tuntun. Àwọn obìnrin gbá ẹrẹ̀ jáde, wọ́n fọ ilẹ̀, wọ́n fọ ara ògiri nínú lọ́hùn-ún, wọ́n kó kòkó síta, wọ́n sá a sórí ẹní, nítorí kòkó gbígbẹ tí omi bá kàn, á bu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fọ àwọn àpò. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, sítọ́ọ̀ náà mọ́ ju bó ṣe wà kí ìjì tó jà. Bàbá mi ń dúpẹ́, omi ń dà lójú wọn.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń darí àwọn obìnrin tó ń sá kòkó. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń ṣe, aṣọ funfun kò sì kúrò lọ́rùn wọn. Láti ìgbà ọmọge wọn ni wọ́n ti ń bá àwọn oníkòkó sá kòkó. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kòkó ẹlẹ́rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyókù. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n kó o sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ yọ ìwé inṣọ́ránsì láti inú àpótí, mo wá ka ohun tí mo ti fò. Ìwé náà sọ pé ìjì tí a san owó fún kò kan ẹrù tí omíyalé bá bà jẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ilé-iṣẹ́ náà gidigidi: mo ní bí wọ́n bá rí ẹrẹ̀ díẹ̀ péré, wọ́n á sọ pé omíyalé ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀. Mo lọ bá ìyá náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a gbé kòkó ẹlẹ́rẹ̀ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó.

Ìyá náà wò mí. "Ọmọ yìí, kí ló dé tí a ó fi máa bo kòkó bí ẹni tó jí i?"

Mo ní oòrùn ló pọ̀ jù fún un. Wọ́n tún wò mí, wọ́n ní ó dáa. Mo mọ̀ pé wọn ò gbà mí gbọ́.

Bàbá mi ti ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì, ọjọ́ kẹta sì ni olùyẹ̀wò wọn dé láti Ìbàdàn. Mo ti ń retí ẹlẹ́rìn-ín mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ni, ìyẹn sì tún bà mí lẹ́rù ju ti èkínní lọ. Ó kí bàbá mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ. Ó wọ sítọ́ọ̀, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ògiri.

Ó ní, "Bàbá, ibi yìí mọ́ o. Ta ló tún un ṣe?"

"Àwọn aládùúgbò mi ni. Ọlọ́run á bù kún wọn."

"Àmín. Níbo ni omi gbà wọlé?"

Bàbá mi yíjú sí mi. Mo ti bá wọn sọ ọ́ láàárọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa dá a lóhùn, nítorí pé èmi ni mo mọ ìwé. Mo ní, "Òkè ló gbà wọlé. Ìjì ló ká òrùlé."

"Ṣé òkè nìkan?"

"Òkè nìkan."

Bàbá mi wolẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ ohun tí mo sọ sínú ìwé rẹ̀. Ó jáde, ó yí sítọ́ọ̀ náà ká dé ẹ̀yìn, àwa náà tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin ti fọ ògiri nínú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìta. Ìlà ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀ láti igun dé igun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Ó fi ìka kàn án, ó yọ rúlà jáde, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Ìjì ni ẹ san owó fún. Bí atẹ́gùn líle bá já òrùlé, tí òjò sì gba ojú ibi tó já yẹn wọlé, ti ìjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí omi bá kúrò ní ààyè rẹ̀, bóyá odò ló kọjá bèbè ni o, bóyá àgbàrá ló gba orí ilẹ̀ wọlé, omíyalé nìyẹn. Ẹ ò sì ní ti omíyalé."

Bàbá mi ní, "Ṣebí ìjì yẹn náà ló mú òjò tó kún odò wá?"

"Òótọ́ ni, sà. Ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé ìbáà jẹ́ ìjì ló fà á, omíyalé ni yóò máa jẹ́."

Bàbá mi tún béèrè nípa ọgbà sítọ́ọ̀ tí ìjì wó àti kòkó tí òjò gbá lọ níta. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní ọgbà kò sí nínú ohun tí inṣọ́ránsì náà ń san owó fún, ẹrù tó bá wà níta gbangba náà kò sí nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀rinrin tó bá ń ti inú ilẹ̀ fà díẹ̀díẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òrùlé tó ti dípẹtà tipẹ́ tó wá ń jò. Bó ṣe ń ka ìkọ̀ọ̀kan ni mo ń kà á sí olè. Ó wá fi bírò rẹ̀ tọ́ka sí àwọn ẹní tí kòkó wà lórí wọn.

"Ẹ ti tún òrùlé ṣe, ẹ ti fọ ilé, ẹ ti da kòkó pọ̀. Mi ò lè mọ èyí tí òjò pa yàtọ̀ sí èyí tí odò pa. Ohun tí mo rí ni ìlà ẹrẹ̀ yìí, wọ́n sì sọ fún mi pé odò kò wọlé." Kò wò mí nígbà tó sọ ọ́. "Bí kò bá sí nǹkan mìíràn, omíyalé ni màá kọ fún gbogbo rẹ̀."

Mo rí ojú bàbá mi. Ojú ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ìyá aláṣọ funfun wà nídìí ẹní, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n rọra rìn wá.

"Ọmọ mi, ta ló da kòkó pọ̀? Ẹ̀yin ò tíì wo ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Olùyẹ̀wò ní, "Ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wo, Ìyá?"

"Èyí tí ẹrẹ̀ kàn. Kòkó tí ẹrẹ̀ kàn kì í bá èyí tí òjò pa gbé orí ẹní kan náà. Ìsípẹ́kítọ̀ tó ń yẹ kòkó wò á ju méjèèjì dànù. Àwọn tó wà lókè ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, òjò ló wà lára wọn, wọn ò ní ẹrẹ̀ rárá, àwọn ló wà lórí ẹní yìí. Àwọn tó wà láàárín gbẹ, àwọn yẹn ò tíì kúrò ní sítọ́ọ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ló ní ẹrẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ."

A lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò. Kòkó náà wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára. Olùyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó padà sí sítọ́ọ̀, ó ki ọwọ́ bọ àwọn àpò àárín, ọwọ́ rẹ̀ sì gbẹ. Ó ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ó gun òkè, ó wo ojú ihò ìṣó àtijọ́ tó wà lára páànù, ó ní wọ́n fàya gbọọrọ, ojú ibi tó ya sì ṣì ń dán, kò tíì dípẹtà. Ó ní atẹ́gùn ló já a lóòótọ́.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n bo kòkó náà. Ìyá náà ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé ìlà kan wà nínú ìwé yìí pé bí ẹnikẹ́ni bá fi irọ́ béèrè owó, gbogbo rẹ̀ di òfo? Kòkó tí ẹ bò yẹn nìkan ni ohun tó fi hàn pé òótọ́ ni ti òkè." Ó mí kanlẹ̀. "A ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ohun tí Bàbá bá fọwọ́ sí lónìí ni màá gbé lọ."

Bàbá mi ní kí ó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: ti òkè fún ìjì, ti ìsàlẹ̀ fún odò. Nígbà tó ń wá ibi tó ti máa kọ ọ́, ó ṣí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ó fi ọ̀rọ̀ kan hàn wọ́n. "Ó ṣeni láàánú, sà. Wọ́n ti bi yín léèrè bóyá ẹ fẹ́ ti omíyalé. Ẹ ní rárá."

Bàbá mi gba ìwé náà. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wo ìwé tí mo bá kọ láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kìíní. Wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọ mi nìyí." Wọ́n sì dá a padà fún un.

Ìtìjú bò mí, mi ò lè gbé ojú sókè. Mo ń retí kí wọ́n bá mi wí nígbà tí ọkùnrin náà lọ. Wọn ò bá mi wí ní ọjọ́ yẹn, wọn ò sì bá mi wí lọ́la rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì san ti àpò òkè, bí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe sọ. Ti ìsàlẹ̀, bàbá mi ta oko kòkó kékeré tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn láti fi dí i, iṣẹ́ wọn kò sì bọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni oko yẹn bá lọ. Mo rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, pé èmi nìkan ni mo mọ̀, torí pé wọn ò bi mí léèrè.

Nígbà tí ọdún yí, éjẹ́ǹtì tún gun alùpùpù rẹ̀ dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nawọ́ fọ́ọ̀mù náà sí mi.

Wọ́n ní, "Ka gbogbo rẹ̀. Má fo nǹkan kan."

Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tó ti béèrè bóyá omi ti wọ ibẹ̀ rí, mo gbé ojú sókè wo bàbá mi. Bàbá mi ní kí n kọ òótọ́ síbẹ̀. Mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Mo sì kọ pé a fẹ́ ti omíyalé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé. Mo jókòó ti bàbá mi, mo sì kà á fún wọn. Wọ́n gbà láti máa bá a lọ lórí iná àti ìjì, ṣùgbọ́n nítorí pé odò ti wọ ibẹ̀, wọn ò ní lè gba sítọ́ọ̀ yẹn fún omíyalé, iye yòówù kí a fẹ́ san.

Bàbá mi ní, "Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

"Ibẹ̀ ló parí sí, Bàbá."

"Tún un kà."

Mo tún un kà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka tọ́ka sí i. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n fi sínú àpò dàǹṣíkí wọn, wọ́n sì dìde. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọn ò yà sí sítọ́ọ̀. Ilé ọ̀gá ilé-ìwé wa ni wọ́n gbé lẹ́tà náà lọ, kó bá wọn kà á.